Táímùtébù inú Excel: báwo la ṣe lè sọ ọ́ di fáìlì kálẹ́ńdà tí fóònù gbogbo kíláàsì á gbà?

Kíláàsì_Rẹ́pù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀ka wa fún wa ní táímùtébù sẹ̀mẹ́sítà yìí nínú Excel. Ọjọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, wákàtí wà lókè, kọ́ọ̀sì wà láàárín, wọ́n sì pa àwọn àpótí kan pọ̀ níbi tí kíláàsì ti gba wákàtí méjì. Kíláàsì 18 ni gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta 2026, a parí ní ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Karùn-ún. Mo fẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tí màá jù sórí WhatsApp, tí ẹni tó ní Android àti ẹni tó ní iPhone á lè fi kún kálẹ́ńdà wọn. Báwo ni kí n ṣe é láìtẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo:
Ọmọ mi, ṣé kò ní rọrùn jù láti sọ ọ́ di PDF kí o wá fi ránṣẹ́? Tẹ File, tẹ Export, ó parí. Gbogbo fóònù ló ń ṣí PDF.

Kíláàsì_Rẹ́pù:
Ẹ ṣeun mà. PDF ti wà nílẹ̀. Ohun tí a ń wá ni kí fóònù fúnra rẹ̀ pariwo kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Èyí kò le rárá. Google Calendar ń gba CSV. Kọ àwọn orí òpó wọ̀nyí gẹ́lẹ́ sí ìlà àkọ́kọ́:

```
Subject,Start Date,Start Time,End Date,End Time,Location
```

Kó kíláàsì sí abẹ́ rẹ̀, fi pamọ́ bíi CSV, kí o wá lọ sí Settings, Import & export nínú Google Calendar lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ìdí láti máa kọ kóòdù kankan.

Bàbá_Ṣíìtì:
Òótọ́ ni àbúrò mi sọ nípa Google, ṣùgbọ́n kò tíì kárí ìbéèrè náà. Ìdíwọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, CSV kò mọ ohun tó ń jẹ́ "lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀". Ìlà kan, ọjọ́ kan ni. Láti 2 Oṣù Kẹta dé 29 Oṣù Karùn-ún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, kíláàsì 18 lọ́sẹ̀ sì ni, ìyẹn ìlà 234 tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀, tí yóò sì tún ṣe bí gbọ̀ngàn bá yí padà. Èkejì, ó lè ka 02/03/2026 sí 3 Oṣù Kejì bí èdè àkáǹtì náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta, tí o bá fi CSV ránṣẹ́ sí ẹni tó ní iPhone, ṣíìtì lásán ló máa rí, kálẹ́ńdà rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n.

Fáìlì tí gbogbo wọn gbọ́ ni èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ics. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, o lè ṣí i ní Notepad kí o kà á. Ìlà 18 péré lo máa ní, torí fáìlì náà fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di ọjọ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gba àkókò jù ni ti ṣíìtì. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ yẹn, ojú èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ṣí ṣíìtì tuntun, kí o sọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan di ìlà kan: A ni àmì ìdánimọ̀, B kọ́ọ̀sì, C ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, D ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kíláàsì náà máa wáyé, E aago tó bẹ̀rẹ̀, F aago tó parí, G àti H ọjọ́ ìsinmi tí kíláàsì bọ́ sí bí ó bá wà. Àpótí tí wọ́n pa pọ̀, bí o bá tú u, àpótí ti òsì nìkan ni ọ̀rọ̀ máa kù sí, èyí tó tẹ̀lé e á ṣófo. Torí náà má gbẹ́kẹ̀ lé dída ọ̀rọ̀ kọ lásán. Kíláàsì oníwákàtí méjì á di oníwákàtí kan mọ́ ọ lójú.

Kíyè sí òpó D. Kì í ṣe ọjọ́ tí sẹ̀mẹ́sítà bẹ̀rẹ̀ lo máa kọ síbẹ̀ fún gbogbo wọn. Kíláàsì ọjọ́ Ajé ni 2 Oṣù Kẹta, ti Ìṣẹ́gun ni 3, ti Ọjọ́rú ni 4, bẹ́ẹ̀ títí dé Ẹtì tó jẹ́ 6. Bí o bá kọ 2 Oṣù Kẹta sí iwájú kíláàsì Ọjọ́bọ̀, gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa hàn, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni fóònù fi ń mọ ọjọ́ tí yóò máa padà wá.

Kíláàsì_Rẹ́pù:
Mo ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé tí Excel ń sọ 8-10 tí mo kọ di "08-Oct"?

Bàbá_Ṣíìtì:
Ó rò pé ọjọ́ ni. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á kà á sí 8 Oṣù Kẹwàá, èyí tí wọ́n tò sí ti Amẹ́ríkà á kà á sí 10 Oṣù Kẹjọ. Kíkọ rẹ̀ ní òpó méjì ló ń tọ́jú ìyẹn: 8:00 sí E, 10:00 sí F. Aago oníwákàtí 24 sì ni kí o lò. Táímùtébù tó bá sọ pé "2-4" ọ̀sán ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n 2:00 lójú Excel, aago méjì òru ni. Kọ 14:00 àti 16:00. Nígbà tó o bá parí, to òpó E láti kékeré sí ńlá. Ohunkóhun tó bá kéré sí 7:00, ọ̀sán tí wọ́n kọ bí òru ni.

Nísinsìnyí, fọ́múlà. Fi í sí I2, kí o fà á wálẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn:

```
="BEGIN:VEVENT|UID:"&A2&"@taimutebu.100l|DTSTAMP:20260223T080000Z|DTSTART;TZID=Africa/Lagos:"&TEXT(D2,"yyyymmdd")&"T"&TEXT(E2,"hhmmss")&"|DTEND;TZID=Africa/Lagos:"&TEXT(D2,"yyyymmdd")&"T"&TEXT(F2,"hhmmss")&"|RRULE:FREQ=WEEKLY;UNTIL=20260529T225959Z"&IF(G2="","","|EXDATE;TZID=Africa/Lagos:"&TEXT(G2,"yyyymmdd")&"T"&TEXT(E2,"hhmmss"))&IF(H2="","","|EXDATE;TZID=Africa/Lagos:"&TEXT(H2,"yyyymmdd")&"T"&TEXT(E2,"hhmmss"))&"|SUMMARY:"&B2&"|LOCATION:"&SUBSTITUTE(C2,",","\,")&"|END:VEVENT"
```

Àmì | yẹn dúró fún ibi tí ìlà ti yẹ kó fọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ni. Bí o bá fọ́ ìlà nínú àpótí Excel fúnra rẹ̀, nígbà tí o bá dà á kọ síta, Excel á fi àmì " yí àpótí kọ̀ọ̀kan ká, kálẹ́ńdà kò sì ní gba fáìlì náà. Da òpó I kọ sínú Notepad++, tẹ Ctrl+H, mú "Extended", wá |, fi \r\n rọ́pò rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ṣíìtì rẹ á wá rí báyìí:

```
BEGIN:VEVENT
UID:mth101-aje@taimutebu.100l
DTSTAMP:20260223T080000Z
DTSTART;TZID=Africa/Lagos:20260302T140000
DTEND;TZID=Africa/Lagos:20260302T160000
RRULE:FREQ=WEEKLY;UNTIL=20260529T225959Z
EXDATE;TZID=Africa/Lagos:20260406T140000
SUMMARY:MTH 101
LOCATION:LT 2\, Fákọ́tì Sáyẹ́ǹsì
END:VEVENT
```

Òpó A ló di UID, G àti H ló di EXDATE, ìyẹn ọjọ́ tí kíláàsì kò ní wáyé, RRULE ló sì ń sọ pé kó máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan náà lè ní kíláàsì méjì lọ́sẹ̀, nítorí náà fi ọjọ́ kún un: mth101-aje, mth101-bo. Bí méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, fóònù á kà wọ́n sí kíláàsì kan, ọ̀kan á sì pòórá láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, fi èyí sí orí fáìlì, ṣáájú BEGIN:VEVENT àkọ́kọ́:

```
BEGIN:VCALENDAR
VERSION:2.0
PRODID:-//Kilaasi 100L//Taimutebu//YO
BEGIN:VTIMEZONE
TZID:Africa/Lagos
BEGIN:STANDARD
DTSTART:19700101T000000
TZOFFSETFROM:+0100
TZOFFSETTO:+0100
TZNAME:WAT
END:STANDARD
END:VTIMEZONE
```

Kí o sì kọ END:VCALENDAR sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni BEGIN:VCALENDAR. Bí ẹ bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan yí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ká, fóònù mìíràn á ka ti àkọ́kọ́, á sì dúró níbẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo VTIMEZONE yìí pọn dandan? Nàìjíríà kì í yí aago. Ẹ yọ wákàtí kan kúrò, kí ẹ kọ 20260302T130000Z, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́.

Bàbá_Ṣíìtì:
Fún Èkó, òótọ́ ni. Z túmọ̀ sí aago àgbáyé, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ láti Oṣù Kìn-ín-ní dé Oṣù Kejìlá. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà á nímọ̀ràn ni pé ẹni tó ń tẹ táímùtébù á ní láti máa yọ wákàtí kan nínú orí rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá sì gbàgbé kò ní hàn lójú títí kíláàsì á fi kọjá. Kọ aago bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ògiri ẹ̀ka yín. Google àti Apple sábà máa ń mọ Africa/Lagos bí o kò tilẹ̀ fi VTIMEZONE sí i, ṣùgbọ́n òfin fáìlì náà béèrè fún un níbikíbi tí TZID bá wà, Outlook sì le ju àwọn yòókù lọ lórí ìyẹn. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Títí_London:
Ẹ kú ìjíròrò. Z yìí gan-an ni mo fẹ́ béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń ṣe fáìlì fún, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo kọ 100000Z. Oṣù Kejì dé àárín Oṣù Kẹta dára, ṣùgbọ́n bí mo bá wo Oṣù Kẹrin nínú kálẹ́ńdà, aago mọ́kànlá ló ń fi hàn. Kí ló fà á?

Bàbá_Ṣíìtì:
Lọ́dún 2026, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹta, wọn á sì dá a padà ní 25 Oṣù Kẹwàá. Nígbà òtútù, aago London àti Z jẹ́ ọ̀kan náà, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó dára. Láti 29 Oṣù Kẹta, 10:00Z di 11:00 ní London. Kọ DTSTART;TZID=Europe/London:20260307T100000 dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni DTEND àti EXDATE. UNTIL nìkan ni kó ṣì ní Z, bó ṣe rí nínú ti Lagos, torí òfin fáìlì náà ni pé bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ní TZID, òpin gbọ́dọ̀ wà ní aago àgbáyé. 225959Z tí mo kọ sókè yẹn ni 23:59:59 ní Èkó.

Ní ti VTIMEZONE, ti London ní apá méjì, ti òtútù àti ti ẹ̀ẹ̀rùn. Má kọ ọ́ fúnra rẹ. Dá ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú Google Calendar tí a tò sí aago London, gbé e jáde, ṣí fáìlì náà, kí o sì da gbogbo ohun tó wà láti BEGIN:VTIMEZONE dé END:VTIMEZONE kọ.

Àlùfáà_Ìwó:
Àlàáfíà fún yín. Tèmi ni àtẹ àkókò ìrun ti mọ́sáláṣí wa, ó wà nínú Excel bákan náà, odidi oṣù kan. Mo fi fọ́múlà yẹn sí i, ṣùgbọ́n ìrun Àsùbáà ọjọ́ kẹjọ gbé aago ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìrun sì pọ̀ jù lójú kan.

Bàbá_Ṣíìtì:
Àlùfáà, tiyín yàtọ̀. Aago ìrun ń yí padà lójoojúmọ́, kò sí ohun tó ń padà wá níbẹ̀. Ẹ yọ ohun gbogbo láti |RRULE títí dé ẹnu |SUMMARY, ṣùgbọ́n ẹ fi |SUMMARY fúnra rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìrun kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ọjọ́ 30 nígbà ìrun 5 jẹ́ ìlà 150, ìyẹn kò wúwo fún fóònù kankan. UID yín gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ nínú, bíi asubaa-20260301, kí wọ́n má baà pa ara wọn rẹ́.

Kíláàsì_Rẹ́pù:
Mo ti fi pamọ́. Mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ara mi, Android mi ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rẹ́ mi tó ní iPhone rí "Fáº¹́..." dípò "Fẹ́..." nínú orúkọ ibì kan.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣogbo:
Wo orúkọ fáìlì náà dáadáa, ọmọ mi. Notepad ti Windows máa ń fi .txt kún ẹ̀yìn rẹ̀, Windows sì máa ń fi ìyẹn pamọ́, taimutebu.ics.txt ló wà níbẹ̀. Nígbà tó o bá ń fi pamọ́, mú "All files" ní "Save as type".

Bàbá_Ṣíìtì:
Màmá ti sọ ọ́. Ní ti àmì tó dàrú, lẹ́tà UTF-8 ni wọ́n kà bí ANSI. Ní Notepad++, lọ sí Encoding, mú UTF-8, má mú UTF-8-BOM, torí BOM máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú BEGIN:VCALENDAR tí kálẹ́ńdà mìíràn á fi sọ pé òun kò rí ìbẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti dàrú nínú fáìlì, yíyí Encoding nìkan kò ní dá a padà, tún da òpó I kọ láti inú ṣíìtì. Wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ó yẹ kó kọ "Windows (CR LF)".

Kí o tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, wá BEGIN:VEVENT pẹ̀lú Count nínú Notepad++. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 18. Lẹ́yìn tí o bá gbé e wọlé, ka MTH 101 ọjọ́ Ajé: ọ̀sẹ̀ 13 ni, ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 6 Oṣù Kẹrin, sì ti kúrò, ó kù 12. Bí o bá rí 13, EXDATE kò bá aago ìbẹ̀rẹ̀ mu. Kíkọ EXDATE:20260406 lásán kò tó, ọjọ́, aago àti TZID gbọ́dọ̀ jẹ́ ti DTSTART gẹ́lẹ́. Kíláàsì ọjọ́ Ẹtì ní ìsinmi méjì: 3 Oṣù Kẹrin àti 1 Oṣù Karùn-ún, òun ni mo ṣe fi H kún un. Ìsinmi Ìtúnu Àwẹ̀ àti Iléyá, ẹ dúró kí ìjọba kéde rẹ̀.

Lórí iPhone, ọ̀nà tó dájú jù ni kí o fi ìmeèlì ránṣẹ́. Kí wọ́n ṣí i nínú Mail, tẹ fáìlì náà, tẹ "Add All", kí wọ́n yan kálẹ́ńdà. Fún Google, orí kọ̀ǹpútà ni, ní Import & export. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣí calendar.google.com nínú Chrome lórí fóònù, kó mú "Desktop site". Kálẹ́ńdà Samsung máa ń ṣí .ics fúnra rẹ̀.

Mo bẹ gbogbo yín, ẹ dá kálẹ́ńdà tuntun kan sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ pè é ní "Lẹ́kíṣọ̀". Ẹ má dà á sínú èyí tí ọjọ́ ìbí àti ìpàdé yín wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ pa odidi kálẹ́ńdà "Lẹ́kíṣọ̀" rẹ́, ó parí. Àìṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lẹ máa fi yọ kíláàsì 18 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú ètò kálẹ́ńdà yẹn náà lẹ ti máa sọ pé kí ó máa pariwo ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kí ẹ má gbójú lé fáìlì fún ìyẹn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Bí gbọ̀ngàn bá yí padà ní Oṣù Kẹrin ńkọ́? Èmi ṣì gbà pé kí rẹ́pù fi í sórí kálẹ́ńdà Google kan, kó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn, kó fún wọn ní ìjápọ̀ rẹ̀. Ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn rí i. Ẹ fi fáìlì sílẹ̀.

Bàbá_Ṣíìtì:
Ìyẹn dára fún ẹni tó ní àkáǹtì Google. iPhone náà lè forúkọ sílẹ̀ fún ìjápọ̀ .ics rẹ̀. Ṣùgbọ́n kálẹ́ńdà tó ń tẹ̀lé ìjápọ̀ kì í wo ó ní gbogbo ìgbà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ kí àyípadà tó dé, bí gbọ̀ngàn bá sì yí padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, kò wúlò. Ẹni tí kò ní dátà kò ní rí i rárá. Mo fara mọ́ fáìlì pẹ̀lú UID tí kò yí padà.

Títí_London:
Ṣé UID tí kò yí padà yẹn máa ń rọ́pò ti àtijọ́ lóòótọ́? Kálẹ́ńdà fóònù tí mo lò fi kún un ni, mo wá ní méjì-méjì.

Bàbá_Ṣíìtì:
Kálẹ́ńdà tó bá tẹ̀lé òfin, UID ló fi ń mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. Gbogbo wọn kọ́ ló ń tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ kálẹ́ńdà ọ̀tọ̀: pa á rẹ́, dá òmíràn sílẹ̀, gbé fáìlì tuntun wọlé.

Kíláàsì_Rẹ́pù:
Gbogbo rẹ̀ ti wọlé, 12 ni MTH 101. Ó ku PHY 107, pírátíkà ni, ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì là ń ṣe é, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàbá_Ṣíìtì:
Fi INTERVAL=2 sí i: RRULE:FREQ=WEEKLY;INTERVAL=2;UNTIL=20260529T225959Z. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń pinnu ọ̀sẹ̀ tó bọ́ sí, torí náà ìpín A bẹ̀rẹ̀ ní 3 Oṣù Kẹta, ìpín B ní 10. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìsinmi. EXDATE á yọ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò ní sún èyí tó tẹ̀lé e. Bí olùkọ́ bá sọ pé ìpín A tó pàdánù ọjọ́ wọn á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí gbogbo ètò sì wá yí láti ibẹ̀, fi UNTIL dá ìlà àtijọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi, kí o ṣí ìlà tuntun pẹ̀lú UID mìíràn láti ọjọ́ tuntun náà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Bí ìpín A bá wá lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tí ètò kò yí ńkọ́? Ṣé ìlà mìíràn náà ni?

Bàbá_Ṣíìtì:
Bẹ́ẹ̀ ni, ìlà kan tí kò ní RRULE. RDATE wà fún irú rẹ̀ nínú òfin fáìlì náà, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e fún kíláàsì tí fóònù wọn kì í ṣe irú kan náà. Ẹni tó bá ti dán an wò lórí Samsung àti iPhone, kó sọ ohun tó rí níbí.